Ráútà tí mo fowó ara mi rà, tí àpótí wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́

Owó ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo sanwó kí ilé-iṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì tó fa fáíbà wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Aláàgbàká, mò ń san towó oṣù, mo tún wá lọ fi owó gidi ra ráútà tèmi, torí Wáì-fáì àpótí tí wọ́n gbé kọ́ ògiri kì í dé yàrá ẹ̀yìn tá a ti ń tẹ̀wé. Ọmọkùnrin tó wá bá mi so ó gbowó iṣẹ́, ó ki wáyà láti inú àpótí wọn bọ inú ráútà mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti ṣe." Lóòótọ́, fóònù ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Àmọ́ ohun tí mo tìtorí ẹ̀ ra irú ráútà bẹ́ẹ̀, kí n lè máa wo kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù láti ilé ní Ìjàpò, kò ṣeé ṣe. Mo ti gbé WireGuard, ọ̀nà àdáni tí fóònù mi lè gbà wọ ṣọ́ọ̀bù láti ìta, sórí ráútà, mo ti ṣí pọ́ọ̀tù 51820 fún un. Mo délé, fóònù ń pè é títí, kò dáhùn.

Ẹ ṣí ojú ewé ráútà yín, kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ `WAN IP` sí, nọ́ńbà tí ráútà gbà láti apá ìta. Tèmi kọ `192.168.1.4`. Nọ́ńbà inú ilé nìyẹn. Bákan náà ni èyí tó bá fi 10 bẹ̀rẹ̀, tàbí èyí tó wà láàárín 172.16 sí 172.31. Àpótí wọn ló fún ráútà mi ní nọ́ńbà yẹn, bó ṣe máa fún fóònù ọmọ iṣẹ́ mi. Ìyẹn ni pé àpótí ń ṣe NAT, tó ń fi nọ́ńbà kan ṣojú gbogbo ẹ̀rọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ráútà mi náà ń ṣe NAT tirẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dà bí ilé tó ní mẹ́gàdì méjì, tí ti ìta kò mọ̀ pé ti inú wà: àlejò tó bá ní òun ń wá ẹni inú, ó ti lé e padà. Ohun tí kì í jẹ́ kéèyàn tètè mọ̀ ni pé ẹni tó ń jáde kì í rí wàhálà kankan. Fídíò á máa ṣiṣẹ́, Wọ́sáàpù á máa ṣiṣẹ́. Ohun tó ń bọ̀ láti ìta nìkan ló ń bá ilẹ̀kùn títì pàdé.

Ẹnì kan ní kí n yí ráútà mi sí `Access Point`. Ìyẹn náà á yọ NAT kan kúrò, ó sì dáa fún ẹni tí Wáì-fáì nìkan ló ń wá. Ṣùgbọ́n lórí ráútà tèmi, WireGuard á kúrò níbẹ̀ pátápátá. Mi ò kówó sílẹ̀ fún ìyẹn. Àpótí wọn ni kó dákẹ́ NAT, kí wọ́n yí i sí `Bridge`, kó kàn máa gba iná fáíbà wọlé, kó sì gbé ohun tó bá rí fún ráútà mi bó ṣe rí.

Páṣíwọ́ọ̀dù tó wà lẹ́yìn àpótí náà kò débẹ̀. Orúkọ Wáì-fáì nìkan ló ń jẹ́ kéèyàn yí; apá `WAN` wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́. Bí mo bá ti pè wọ́n, ohun kan náà ni: "Ẹ pa á sà, kẹ́ ẹ tún tàn án." Ìgbà tí mo wá bá ẹni tó mọ ohun tí mò ń wí pàdé, ó yí i láti ọ̀dọ̀ wọn lọ́hùn-ún. Ẹ rí i dájú pé orúkọ àti páṣíwọ́ọ̀dù PPPoE yín, èyí tí àpótí fi ń wọlé sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́, ti wà lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, torí bí àpótí bá ti di `Bridge`, ráútà yín ló gbọ́dọ̀ máa fi í wọlé, Wáì-fáì àpótí náà á sì kú.

Mo tẹ̀ ẹ́ sínú ráútà. Kò wọlé. Wọ́n ní mo ṣi páṣíwọ́ọ̀dù tẹ̀. Mo tún un tẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n tún sọ. Inú bí mi, mo ṣí àkọsílẹ̀ ráútà, mo rí i:

```
Timeout waiting for PADO packets
```

Páṣíwọ́ọ̀dù wo ló fẹ́ wá ṣi? PADI ni ráútà kọ́kọ́ máa ń ké sórí wáyà láti bèèrè ẹni tó wà níbẹ̀. PADO ni èsì tí sẹ́fà wọn máa ń fún un. Bí PADO kò bá dé, wọn ò tíì bèèrè páṣíwọ́ọ̀dù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ojú ọ̀nà ló dí. Mo ní kí wọ́n wo ihò tí wọ́n so `Bridge` mọ́. `LAN1` ni, òun nìkan. Wáyà tí ọmọkùnrin yẹn kì wà nínú `LAN3`. Mo yọ ọ́, mo kì í bọ `LAN1`, PADO dé lójú ẹsẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Ayọ̀ yẹn ò pẹ́. Ó wá ń kọ `Authentication failed`. Èyí gan-an jọ ọ̀rọ̀ páṣíwọ́ọ̀dù, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ orin wọn. Àfi ìgbà tí obìnrin tó gbé fóònù sọ pé, "Sà, ó hàn níbí pé ẹ wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí." Èmi tí gbogbo ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù mi dákẹ́! Ọ̀rọ̀ ti yé mi nìyẹn. Ìwọlé tí àpótí wọn ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò tíì kúrò nínú ìwé wọn, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gbà fún orúkọ kan. Mo ní kó pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ó pa á, ráútà wọlé.

Irú ìdádúró yẹn lè padà wá bí iná bá lọ lójijì, torí ráútà á kú láìṣe ó dàbọ̀ fún sẹ́fà. Ẹ lè dúró díẹ̀ kí ọ̀dọ̀ wọn fúnra rẹ̀ pa á. Èmi ra bátìrì kékeré fún àpótí àti ráútà. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà méjèèjì kẹ́ ẹ tó rà á. Òmíràn ń lo fóòtì 12, òmíràn 9.

Mo wá wo `WAN IP` mi tuntun: 100.81 ló fi bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo jù ú mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló ń ṣe NAT lé e lórí fún ọ̀pọ̀ oníbàárà lẹ́ẹ̀kan náà. A yọ ti inú ṣọ́ọ̀bù, tiwọn wà níbẹ̀ gbọnin, `Bridge` kò sì lè fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́ nínú gbogbo ìpè yẹn. Ẹ bi wọ́n ní nọ́ńbà `WAN` tí àpótí wọn ń gbà kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun. Bí ó bá fi 100.64 sí 100.127 bẹ̀rẹ̀, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń ta nọ́ńbà IP ìta. Bí wọn ò bá tà á, `Bridge` ò lè ran kámẹ́rà yín lọ́wọ́. Áàpù tó bá kámẹ́rà wá ni kẹ́ ẹ máa fi wò ó.

Tiwọn ń tà á, lóṣooṣù, lórí owó tí mo ti ń san tẹ́lẹ̀. Mo san án. Nọ́ńbà tó wà lórí ráútà mi àti èyí tí wẹ́ẹ̀bù fi ń rí mi ti wá di ọ̀kan náà, WireGuard sì dáhùn láti Ìjàpò lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Owó iṣẹ́ tí ọmọkùnrin yẹn gbà, mo ṣì ń bá a fà á.