Nọ́ńbà Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Ẹ̀sùn Mi Kọ́ Ni Wọ́n Ń Wá

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2025, mo fi ₦85,000 ránṣẹ́ láti orí fóònù mi sí Alhaja tó ń ta pákó fún mi ní Bódìjà, n'Íbàdàn. Lójú ẹsẹ̀ ni báǹkì mi yọ owó náà, wọ́n sì yọ ₦53.75 lé e: ₦50 jẹ́ owó iṣẹ́ wọn, ₦3.75 sì jẹ́ owó orí ìjọba lórí ₦50 náà. `Successful` ni ohun tí wọ́n kọ sójú fóònù mi, ṣùgbọ́n Alhaja kò rí kọ́bọ̀. Wọ́n sọ pákó tí wọ́n ti dì sínú ọkọ̀ kalẹ̀ lójú mi, obìnrin tí mo ti ń bá rà á láti ọjọ́ pípẹ́ sì wò mí bí ẹni tó wá fi àlááàtì ayédèrú lù ú ní jìbìtì. Ìwò yẹn dùn mí ju owó náà lọ.

N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí mo ṣe pe báǹkì tí wọ́n ní kí n dúró fún wákàtí 24, tàbí bí a ṣe ń kọ àdírẹ́sì sórí lẹ́tà. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18, mo mú ìwé ẹ̀sùn mi lọ sí ẹ̀ka wọn, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi, wọ́n sì fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Mo rò pé ó parí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọ́n sọ fún mi pé báǹkì Alhaja kò rí owó kankan tó bá nọ́ńbà inú lẹ́tà mi mu. Inú bí mi, nítorí pé inú àlááàtì tí àwọn fúnra wọn fi ránṣẹ́ ni mo ti da nọ́ńbà náà kọ, ábídí àti òǹkà ló dà pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jókòó sídìí tábìlì ẹ̀gbẹ́ ló ṣàánú mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Èyí tí ẹ kọ yìí, ilé wa níbí nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. `Session ID` ni báǹkì kejì máa fi wá a."

Òǹkà 30 ni `Session ID` náà, ó sì wà nísàlẹ̀ rìsíìtì inú fóònù mi láti ọjọ́ kìíní, níbi tí n kò ti wò. Òǹkà mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún báǹkì tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e jẹ́ ọjọ́ àti àkókò. Tèmi ni 250314164207, èyí tó túmọ̀ sí ọdún 2025, oṣù 3, ọjọ́ 14, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 42 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7. Méjìlá ìkẹyìn ni kò jẹ́ kí owó tèmi pa pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti dà á kọ gbọ́dọ̀ kà á títí yóò fi pé 30, kí ó sì rí i pé ọjọ́ inú rẹ̀ bá ọjọ́ tí òun kọ sínú lẹ́tà mu. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ọjọ́ 18, nígbà tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀?

Mo tún lẹ́tà kọ ní ọjọ́ 26. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wí nìyí: "Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2025, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 42, ẹ yọ ₦85,000 àti ₦53.75 nínú àkáǹtì mi. Owó náà kò dé àkáǹtì tí mo fi ránṣẹ́ sí. `Session ID` rẹ̀ wà nísàlẹ̀ yìí, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀sùn tí ẹ fún mi ní ọjọ́ 18. Mo fẹ́ kí ẹ dá àpapọ̀ rẹ̀, ₦85,053.75, padà. Bí ó bá di ọjọ́ 1, oṣù Kẹrin, tí ọ̀sẹ̀ méjì pé láti ọjọ́ ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́, tí n kò rí i, èmi yóò gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà." Mo fi àkọsílẹ̀ àkáǹtì Alhaja láti ọjọ́ 14 sí 25 há a lẹ́yìn, èyí tó fi hàn pé owó mi kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ńlá ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àṣírí òwò ẹni ni. Bí mo bá tún un ṣe, ọjọ́ kìíní ni n ó ti béèrè rẹ̀, tí n ó sì ní kí ó pa orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ yòókù rẹ́.

Ní ọjọ́ 28, ₦85,000 padà wọlé, láìsí ₦53.75. Mo kọ lẹ́tà kẹta. Akọ̀wé báǹkì wò mí, ó wo lẹ́tà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n ó lu òǹtẹ̀ sí i, ₦53.75 náà sì wọlé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.