Bí a ṣe ń kọ owó ìdádúró sínú àdéhùn ilé kíkọ́ kí kóòtù má baà fagi lé e

Àwọn onílé kan máa ń kọ ọ́ sínú àdéhùn pé bí agbaṣẹ́ṣe bá pẹ́, yóò san mílíọ̀nù kan náírà lọ́sẹ̀. Ó ń dẹ́rù bani lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, adájọ́ lè kà á sí owó ìtanràn, kò sì ní í bá yín gbà á. Àdánù gidi tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín lẹ máa wá fi ẹ̀rí gbè lẹ́yìn. Owó tí kóòtù máa ń dúró tì ni èyí tí ẹ ti ṣírò sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àdánù.

Nítorí náà, ìṣirò ló ṣáájú ìfọwọ́síwèé. Ká ní Ìbàdàn lẹ ti ń kọ́lé, tí owó iṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 28 náírà. Ilé tí ẹ ṣì ń gbé ń gba ₦1,560,000 lọ́dún. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, ó di ₦30,000. Ọdẹ tó ń ṣọ́ sáìtì ń gba ₦15,000 lọ́sẹ̀, ẹni tó ń bá yín bójú tó iṣẹ́ ń gba ₦25,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ₦70,000, iye tí ẹ máa kọ nìyẹn. Ẹ má fi owó ìbínú kún un. Ẹ tọ́jú ìwé ìṣirò náà, kí agbaṣẹ́ṣe sì fọwọ́ sí i.

Láti ìgbà ẹjọ́ Dúnlọ́ọ̀pù, ilé-iṣẹ́ táyà, tí wọ́n dá ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1914, ohun tí iye náà dúró lé ni àwọn kóòtù ń wò, kì í ṣe orúkọ tí ẹ sọ ọ́. Lọ́dún 2015, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ tún fi kún un pé bí iye náà bá pọ̀ kọjá ààlà sí ohun tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dáàbò bò ni yóò tó di ìtanràn.

Ibi tí onílé ti sábà ń pàdánù ni ìdádúró tí òun fúnra rẹ̀ fà: ó yí wíńdò padà, tàbí kò tètè sanwó. Bí àdéhùn kò bá sọ bí ọjọ́ ìparí ṣe máa sún síwájú nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà lè di òfo, owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ á sì bá a lọ. Nítorí náà, ẹ kọ bí ọjọ́ náà ṣe máa sún sínú àdéhùn. Ká ní 30 Oṣù Kẹfà ni ọjọ́ ìparí, tí wíńdò tí ẹ yí padà jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ọjọ́ tuntun di 21 Oṣù Keje. Bí iṣẹ́ bá parí ní 25 Oṣù Kẹjọ, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni agbaṣẹ́ṣe fi pẹ́, ₦350,000 lẹ máa yọ, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.

Ẹ kọ ọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú pé ẹ lè yọ ọ́ nínú owó tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé bí lándílọ́ọ̀dù yín bá fowó kún owó ilé láàárín ìgbà náà, ₦70,000 ṣì ni, ẹ kò lè béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ fún pípẹ́ náà.