Bí Ọ̀gá Bá Ní Iṣẹ́ Rẹ "Kò Lójú": Bí A Ṣe Ń Sọ Ọ́ Di Àtúnṣe

Má fọwọ́ kan àròkọ rẹ lọ́jọ́ tí èsì ọ̀gá tó kà á bá dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí o fi nọ́mbà sí ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sówó ìtẹ̀wé, fọwọ́ dà á kọ sínú ìwé àtijọ́. Èmi fẹ́ràn èyí jù, torí ọwọ́ máa ń dúró níbi tí gbólóhùn ti lọ́.

Ibi tí mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni kí wọ́n máa tún iṣẹ́ ṣe kí wọ́n tó mọ ibi tó ti ń dun ọ̀gá. Ọmọ kan tí mo ń tọ́ ní Ìlọrin kọ àròkọ lórí àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada, ní Òkèlele. Ọ̀gá rẹ̀ kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé: "Kò lójú. Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ó lọ fi "tó lẹ́wà" àti "tó kàmàmà" kún gbogbo gbólóhùn. Ọ̀gá ní ó tún wá burú sí i.

Sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá di ìbéèrè tí o lè fi ìka tọ́ka sí ìdáhùn rẹ̀ lórí bébà. "Kò lójú" di: ìpínrọ̀ wo ni a ti kọ́kọ́ rí ẹnì kan tó ń ṣe nǹkan? A kà á. Ìkíní sọ pé iṣẹ́ náà ti pẹ́, ìkejì yìn ín, ìkẹta ní ike ti ń pa á. Inú ìkẹrin ni ọwọ́ ti kọ́kọ́ kan amọ̀. Ohun tó kàn kò ju kí ìkẹrin bọ́ síwájú lọ. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àtijọ́ ni: "Iṣẹ́ ìkòkò mímọ ṣe pàtàkì ní Ìlọrin." Tuntun ni: "Ìyá náà da ìkòkò àtijọ́ délẹ̀, ó wọ́n eérú sí i kí amọ̀ má baà lẹ̀ mọ́ ọn, ó wá fi amọ̀ bò ó."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀?" béèrè ohun mìíràn. Mo ní kó fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo "a gbọ́ pé" àti "àwọn èèyàn gbà pé." Mẹ́fà ni. Ó padà sí Òkèlele, ó rí ẹni tó sọ mẹ́ta, ó gé mẹ́ta yòókù.

Bí ìbéèrè kan bá ní ìdáhùn méjì, kọ̀wé sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n má ṣe bi í pé, "Kí ni kí n ṣe, sà?" Èsì mìíràn tí kò yé ọ ni yóò bí. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ṣé ìpínrọ̀ kejì ló ti sú yín, àbí ìkẹta?" Ọ̀gá á dáhùn ìyẹn kíákíá.

Ọ̀gá sábà máa ń mọ ibi tó ń dunni dáadáa, ṣùgbọ́n oògùn tó bá júwe lè máà jẹ́ èyí tó bá ibẹ̀ mu. Bí ó bá ní kí o gé ìparí, kọ́kọ́ wo ìpínrọ̀ tó ṣáájú rẹ̀.

Ka iṣẹ́ náà sókè lẹ́ẹ̀kan, kí o dá a padà pẹ̀lú ìlà méjì: ohun tí o ṣí nípò, àti ohun tí o gé.