Ìsàlẹ̀ ni púlọ́ọ̀pù ti ń nira: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lára ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ láti òdo

Ẹ dé pápá ilé-ìwé èyíkéyìí ní Adó-Èkìtì nígbà tí oòrùn bá ti rọ̀, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ tó ti gbá bọ́ọ̀lù tán tí wọ́n ń fò so mọ́ irin ìdábùú òpó góòlù. Wọ́n á máa ta ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gun ọ̀pẹ láìní igbà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá wà fún ni èyí tó so rọ̀ níbẹ̀ tí kò lè ṣe púlọ́ọ̀pù, ìyẹn ni pé kó fi apá fa ara rẹ̀ sókè títí àgbọ̀n yóò fi kọjá irin, lẹ́ẹ̀kan péré.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀lẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ gbé e sórí àpótí kí àgbọ̀n rẹ̀ kọjá irin, á dúró síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó so rọ̀ pẹ̀lú apá nínà gbọọrọ, kó wá fà, kò ní kúrò lójú kan. Ìdí ni pé tí apá bá ti nà tán, iṣan ńlá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn náà ti nà dé òpin, egungun pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn èjìká sì ti sún sókè. Egungun yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wálẹ̀ kí ìgúnpá tó lè tẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ẹni tí kò bá kọ́ ara rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kékeré yìí, ojú kan náà ni yóò máa wà.

Nǹkan mẹ́ta ni a fi ń gòkè láti òdo: nẹ́gátíìfù, ìyẹn ni pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ láti òkè kó máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, róò, tí a ó fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ irin tí a ó fa àyà lọ bá a, àti rọ́bà tí a so mọ́ irin tí a ki ẹsẹ̀ bọ̀, tó ń gbé díẹ̀ lára ìwúwo ẹni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáa. Àṣìṣe tí mo rí jù ni pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ọ̀nà tí ènìyàn fi lè sá fún ìsàlẹ̀ láìmọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mú nẹ́gátíìfù. Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi yóò sọ pé ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lòun fi ń sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi fóònù ya á láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ ó rí i pé ó lo mẹ́rin nínú mẹ́fà yẹn lókè, níbi tí àgbọ̀n ṣì wà lórí irin. Ìgbà tí ìgúnpá bá ṣí kọjá ìdajì, ó já bọ́, ó sì pè é ní ẹyọ kan. Ìdá òkè tó ti gbọ́n tẹ́lẹ̀ ló kọ́, ìdá ìsàlẹ̀ tó gọ̀ kò kọ́ nǹkan kan. Yàtọ̀ sí èyí, jíjábọ́ yẹn máa ń já èjìká àti ìgúnpá gbà lójijì, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ pín ìsọ̀kalẹ̀ sí mẹ́ta: láti àgbọ̀n lórí irin títí irin yóò fi bá iwájú orí dọ́gba, láti ibẹ̀ títí òkè orí yóò fi wà lábẹ́ irin dáadáa, àti láti ibẹ̀ títí apá yóò fi nà gbọọrọ. Kí ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba àkókò kan náà. Tí ẹ bá fẹ́ lo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, méjì méjì ni. Tí apá bá nà tán, ẹ má tíì bọ́ sílẹ̀. Ẹ so rọ̀ díẹ̀, kí ẹ fa èjìká wálẹ̀ kúrò létí láì tẹ ìgúnpá, kí ẹ tún jẹ́ kó padà lọ sókè. Ara yóò gòkè díẹ̀ báyìí, bóyá ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ìka mẹ́ta yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ púlọ́ọ̀pù.

Láti dé òkè, ẹ gun àpótí tàbí àga tó dúró ṣinṣin. Fífò sókè dára fún ẹni tó fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wúwo tó ń fò lọ́pọ̀ ìgbà yóò ti rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀. Ẹyọ kan ni kí ẹ ṣe, kí ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ ṣe òmíràn. Mẹ́rin sí márùn-ún tó fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ tí ìdá ìsàlẹ̀ bá ti ń yára ju ti òkè lọ, nẹ́gátíìfù ọjọ́ náà parí nìyẹn, kódà tó bá jẹ́ ẹyọ kejì.

Ẹ tún má ṣe é lójoojúmọ́. Sísọ̀kalẹ̀ máa ń ya iṣan lára ju fífà lọ, ẹni tó bá sì ṣe ogún ní ọjọ́ àkọ́kọ́ kò ní lè fọ eyín dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ìrora lásán á lọ. Ṣùgbọ́n bí apá bá wú, tí kò ṣe é nà, tí ìtọ̀ wá pọ́n dúdú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ohun tó ń jáde lára iṣan tó bàjẹ́ lè pa kíndìnrín lára.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ló gba ojú inú jù. Rọ́bà tó bá nà jù ló ń ti ènìyàn sókè jù, ìgbà tí a bá wà nísàlẹ̀ ló sì máa ń nà jù. Bí a bá ṣe ń gòkè ló ń dẹ̀, tí ìrànwọ́ rẹ̀ fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lókè. Ẹ ò rí i pé ibi tó ṣòro fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ń bá a ṣe? Olùkọ́ kan tó ń gbé ní Ìkẹ́rẹ́ bọ́ sínú èyí. Rọ́bà tó nípọn jù lọ nínú jíìmù ló ń lò, ó sì ti ń ṣe mẹ́wàá mẹ́wàá fún oṣù mélòó kan. Ó yọ rọ́bà lọ́jọ́ kan, kò mì. Ó ní, “Kóòṣì, mo ṣe mẹ́wàá níṣojú yín níjẹta, kí ló wá dé?” Kóòṣì ní, “Àǹtí, rọ́bà ló ṣe ìdajì rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ìsàlẹ̀ yín.” Wọ́n wo fídíò rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá dé ìsàlẹ̀, kì í dúró. Ó máa ń jábọ́ sínú rọ́bà kí rọ́bà lè ta á padà. Ó sì dá ìgúnpá dúró kó tó nà tán.

Ohun tí wọ́n yí padà kò pọ̀. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ló ń ṣe é, Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Lọ́jọ́ Ajé, nẹ́gátíìfù mẹ́rin ní ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, lẹ́yìn náà róò mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́jọ́bọ̀, rọ́bà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀, márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹta, ṣùgbọ́n kó so rọ̀ kó mí lẹ́ẹ̀kan nísàlẹ̀ láàárín ẹyọ kan sí òmíràn kí rọ́bà má lè ta á. Ó wá fi síso rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú-àáyá àti fífa èjìká wálẹ̀ parí rẹ̀. Mẹ́wàá di márùn-ún, ojú rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́rẹ́. Nígbà tí nẹ́gátíìfù márùn-ún ti ṣe é ṣe ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ mẹ́jọ láìyára nísàlẹ̀, wọ́n ní kó dán an wò láìsí rọ́bà, kó kọ àtẹ́lẹwọ́ sí ara rẹ̀, torí iṣan iwájú apá máa ń ran ènìyàn lọ́wọ́ jù báyẹn. Ó gòkè. Èyí tó kọ àtẹ́lẹwọ́ síta ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i.

Ẹni tí kò bá rí rọ́bà rà lè lọ gba tyúbù ọ̀kadà lọ́wọ́ fọ́kanáísà, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gé e; ẹ fi odindi rẹ̀ kọ́ irin, kí ẹ ki orí kan bọ inú ìkejì kó há. Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn: tó bá ní ìlà tó ti sán, tàbí tó ti ní pááṣì, ẹ dá a padà. Ẹ yí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i kúrò lọ́dọ̀ ojú yín, kí ẹ sì di ẹsẹ̀ mú nínú rẹ̀ títí ẹ ó fi rọra yọ ọ́, torí tyúbù tó bá yọ lẹ́sẹ̀ máa ń na ènìyàn lójú.

Ti róò kò pọ̀. Òun nìkan kò lè mú yín dé púlọ́ọ̀pù, torí apá kò lọ sókè orí níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n òun ló ń jẹ́ kẹ́ ẹ lè fa egungun èjìká lọ sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà láìrẹ̀. Àṣìṣe rẹ̀ ni kí ìbàdí já wálẹ̀, tàbí kí ènìyàn na ọrùn lọ bá irin dípò àyà. Ẹ so okùn méjì tó nípọn mọ́ irin tó lágbára tó bá ṣòro láti rí irin tó mọ níwọ̀n ìbàdí. Bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń sún síwájú tí ara ń tẹ́ ni yóò máa le. Kí ẹ dá apá nà gbọọrọ nísàlẹ̀ níbí náà. (Àwọn kan yóò sọ pé gígún iyán ti sọ apá wọn di irin. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ odó kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń so rọ̀.)

Kí n tó gbàgbé, òpó góòlù tí wọn kò fi sìmẹ́ǹtì gbìn, ẹ má so mọ́ ọn. Ó lè ya wálẹ̀ lé ènìyàn lórí, ó sì ti pa ọmọdé rí ní ọ̀pọ̀ ibi láyé. Ẹ fi ọwọ́ mì í kẹ́ ẹ tó gbé ara lé e. Irin tí ìka kò bá lè ká pẹ̀lú yóò tètè tú yín lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí ẹyọ àkọ́kọ́ bá bọ́ sí i, ẹ má wá kéjì lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹyọ kan yẹn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara ṣì le, ẹ sinmi ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ tún ṣe ẹyọ kan, kí ẹ tó padà sórí nẹ́gátíìfù mẹ́ta. Tí ẹyọ kejì kò bá gòkè lọ́jọ́ náà, ẹ gun àpótí, ẹ sọ ọ́ di nẹ́gátíìfù.