Àpò ìrẹsì méjì: bí mo ṣe sọ ìwé ẹnjiníà di ojú ewé kan

Orí ọ̀dà ni ìbínú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbìmọ̀ ọjà wa ní Ẹ̀pẹ́ san ₦140,000 fún pẹ́ńtà kan pé kó fi ọ̀dà funfun bo gbogbo ìlà tó sán sí abẹ́ dẹ́kìn pẹ́tẹ́ẹ̀sì ọjà wa. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ìlà náà fi tún yọ, ó tún wá ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé ìwé tó ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ ti wà nínú dúrọ́ọ̀ akọ̀wé kí pẹ́ńtà tó gbé àkàsọ̀ rẹ̀ dé. Owó gọbọi la san fún ẹnjiníà tó wá yẹ ilé náà wò. Ojú ewé 46 ló kọ fún wa. Kò sẹ́ni tó kà á kọjá ojú ewé kìíní.

Ní ojú ewé kìíní yẹn, ó kọ ọ́ pé ilé náà wà ní ipò “fíà”. Akọ̀wé kà á sókè nípàdé, ó ní ó túmọ̀ sí pé ilé dára. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn béèrè pé ṣé kì í ṣe ẹ̀rù ni wọ́n ń pè ní fíà yẹn? Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, bàbá yẹn ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ojú ewé 31 ni ẹnjiníà ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀: ilé ṣì dúró, àmọ́ nǹkan kan ti ń jẹ ẹ́ lábẹ́lẹ̀, kí wọ́n tún un ṣe kí oṣù méjìlá tó pé, kí wọ́n sì dín ẹrù orí rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀. Ta ló máa ṣí ìwé dé ojú ewé 31?

Báyìí ni Baálẹ̀ ṣe ránṣẹ́ pè mí. Fíṣíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níléèwé, ìyá mi sì ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé náà. Baálẹ̀ ní, “Tíṣà, bá wa kọ ọ́ ní Yorùbá tí Ìyálọ́jà á gbọ́, kó má ju ojú ewé kan lọ.” Mo ní ọjọ́ méjì ti tó, Bàbá. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló gbà mí.

Ọ̀rọ̀ ìlà kò gbà mí lásìkò. Mo kọ ọ́ pé ìlà tó ń lọ gbọọrọ láìyà sọ́tùn-ún sósì kì í ṣe ti ibi tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Irin inú dẹ́kìn ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀rinrin àti iyọ̀ ti bá irin náà, ó ti ń dípẹtà, ìpẹtà sì máa ń gba àyè ju irin tó ti jáde lọ, nítorí náà ló ṣe ń fọ́ kọnkéré látinú wá. Ẹ fi òòlù kékeré kan kàn án lábẹ́ ibẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń dún bí ìkòkò òfìfo. Ọ̀dà kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ṣe ni wọ́n máa gbẹ́ kọnkéré tó ti kú kúrò títí irin á fi hàn yíká, wọ́n á fọ ìpẹtà rẹ̀ dà nù, wọ́n á sì tún un dí. Ìyálọ́jà gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, “Bí ehín tó ti kẹ̀ nínú ni.” Mo kọ ìyẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ojú ewé 38 ló dá mi dúró. Gbólóhùn kan péré ló wà níbẹ̀: ẹrù orí dẹ́kìn òkè kò gbọdọ̀ kọjá 2.5 kN/m². Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀, iṣẹ́ mi ni. kN kan jẹ́ bí ìwúwo kílò ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀, nítorí náà kílò 250 ni kí á gbé ka ibi tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, mítà kan ní ìbú. Èmi mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sí oníṣòwò kan lókè yẹn tó ń fi kílò ka ọjà rẹ̀. Àpò ni wọ́n ń kà, àti kẹ́ẹ̀gì. Bí ìwé mi kò bá sọ àpò, ìwé 46 yẹn náà ni mo tún kọ, kìkì pé tèmi kúrú.

Mo bá ṣe ìṣirò tèmi, inú mi sì dùn sí i gan-an. Àpò ìrẹsì jẹ́ kílò 50, 250 sì jẹ́ àpò márùn-ún. Mo kọ ọ́ gàdàgbà: “Àpò márùn-ún fún mítà kan sí mítà kan.” Mo fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà kó buwọ́ lù ú, torí mo ti fi sí ọkàn mi pé ìwé tí ẹnjiníà kò bá buwọ́ lù kò ní jáde lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò ní buwọ́ lù ú. Mo béèrè ìdí rẹ̀, ó ní, “Tíṣà, ẹ kọ nọ́ńbà tí mo kọ.” Mo pè é lọ́jọ́ kejì, kò gbé e. Mo pè é títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹni tó gbé fóònù ní ọ̀gá wà níbi iṣẹ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo wọ mọ́tò lọ bá a níbi iṣẹ́ náà, oòrùn ń pa mí, inú ń bí mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sí i sì ti kún ẹnu mi.

Kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó na ọwọ́ sí sìmẹ́ńtì tí wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Kílò 50 ni èyí náà, àbí? Ẹ wọ̀n ọ́n.” Ó fún mi ní téèpù. Àpò sìmẹ́ńtì kéré jọjọ sí àpò ìrẹsì ní títẹ́: nǹkan bí mẹ́rin ló máa kún mítà kan sí mítà kan. Àpò ìrẹsì, méjì péré ti gba ibẹ̀. “Ẹni tó bá to ìrẹsì ní ìpele méjì, kílò 200 ló gbé kalẹ̀,” ó ní. “Ẹni tó to sìmẹ́ńtì ní ìpele méjì, 400 ni. Àpò márùn-ún yín, ta ló máa dúró kà á? Wọ́n á wo bí ó ṣe ga, wọ́n á ní ó dà bí ti aládùúgbò wọn.” Ó tún ní ènìyàn ńkọ́, pẹpẹ tí wọ́n gbé ọjà lé ńkọ́? Inú 250 yẹn náà ni wọ́n wà.

Mo dákẹ́. Òótọ́ ló sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè sọ ọ́ lórí fóònù ní ìṣẹ́jú méjì kó má jẹ́ kí n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wá a kiri. Ìyẹn ṣì ń bí mi nínú di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Mo padà sọ́jà pẹ̀lú téèpù àti ṣọ́ọ̀kì. Mo ya ojú mítà kan sí mítà kan sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lókè, mo sì ń fi ọjà olúkúlùkù wọ̀n ọ́n. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa ló yà mí lẹ́nu jù. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún wúwo tó nǹkan bí kílò 23, mẹ́tàlá sì wọnú ojú ṣọ́ọ̀kì mi láìgun ara wọn. Ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó kàn to epo sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìpele kan ṣoṣo, tí kò gbé ọ̀kan lé èkejì, ti kọjá ibi tí ẹnjiníà ní kí a dúró. Kò sẹ́ni tó máa fi ojú wò ó kó sọ pé ó pọ̀.

Ohun tí mo wá kọ ni pé ìrẹsì lókè kò gbọdọ̀ ga ju àpò méjì lọ. Sìmẹ́ńtì, ìpele kan. Epo, kí ó sọ̀kalẹ̀. Ìpele ìrẹsì méjì ṣẹ́ 50 kù fún ènìyàn àti pẹpẹ, ẹ̀kẹta sì ti kọjá. Ẹnjiníà buwọ́ lu èyí lọ́jọ́ kan náà tí ó rí i, ó sì fi èdìdì rẹ̀ sí i. Ó ní kí n fi gbólóhùn kan kún un, pé ojú ewé kan yìí kò rọ́pò ìwé 46, àti pé òun kò ṣírò táńkì omi tí wọ́n gbé sórí ilé mọ́ ọn. Mo fi kún un.

Kí wọ́n má baà sọ pé nǹkan ìwé ni, mo mú Ìyá Ìbejì ṣe àpẹẹrẹ, torí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà láàárín òkè gan-an. Ó ní ọgọ́ta àpò. Ó tò wọ́n mọ́ ògiri ẹ̀yìn ní òpó mẹ́fà, òpó kọ̀ọ̀kan ga ní àpò mẹ́wàá. Òpó kan jẹ́ kílò 500 lórí ìdajì ojú ṣọ́ọ̀kì mi, ìyẹn ni pé ojú ṣọ́ọ̀kì kan ń ru 1,000. Ìlọ́po mẹ́rin. Ó ní, “Tíṣà, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń tò ó báyìí, ilé kò wó.” Mo ní Ìyá Ìbejì, ọdún mẹ́jọ yẹn náà ni irin ti ń dípẹtà lábẹ́ yín. Ọkùnrin kan nínú ìgbìmọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣáà ni, bíìmù wà lábẹ́ ibẹ̀. Kò parọ́: ẹrù tó wà lórí bíìmù kì í tẹ dẹ́kìn bí èyí tó wà láàárín. Àmọ́ a wo abẹ́ rẹ̀, bíìmù yẹn gan-an ni ìlà rẹ̀ gùn jù nínú gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì kó ogójì sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa títí di ìsinsìnyí.

Tí mo bá tún fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọjọ́ tí ẹnjiníà ṣì ń retí ìyókù owó rẹ̀ ni mo máa béèrè pé kó bá mi sọ nọ́ńbà ẹrù di ọjà tí à ń tà. Lọ́jọ́ náà, ó máa ń gbé fóònù. Màá sì ti fi téèpù wọn kẹ́ẹ̀gì kí n tó fọwọ́ kan bírò.

Lọ́jọ́ tí mo ka ìwé náà fún wọn, Baálẹ̀ gbọ́ ọ dópin, ó wá béèrè pé ìpàdé ọdún tí à ń ṣe lókè ńkọ́, kò ṣáà sí ẹrù níbẹ̀. N kò ronú kan ìyẹn. A gun òkè, mo ní kí wọ́n wọnú ojú ṣọ́ọ̀kì bí wọ́n ṣe máa ń fún ara wọn lọ́jọ́ ìpàdé. Èèyàn mẹ́rin wọ̀ ọ́, Baálẹ̀ ni ìkẹrin. Mo fi kílò 75 sí ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo ní 300 ni, Bàbá. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó rọra gbé e jáde kúrò nínú ìlà, ó ní kí wọ́n lọ wá ibi tí a máa ta kánópì sí nísàlẹ̀.