Kí Egbò Má Baà Jẹ Màmá Lẹ́yìn: Ètò Ìtọ́jú fún Àgbàlagbà Tó Wà Lórí Ìdùbúlẹ̀

Bí àgbàlagbà bá dùbúlẹ̀ tí kò lè dá dìde mọ́, oògùn ni ẹbí máa ń sáré wá. Kò sẹ́ni tó ń ronú kan ẹ̀yìn rẹ̀, títí ọjọ́ tí òórùn yóò fi sọ fún wọn. Ẹni tó ń tọ́jú irú àgbà bẹ́ẹ̀ nílé ni mo kọ ìwé yìí fún, pàápàá nílé àgbẹ̀, níbi tí ilé ti máa ń dá láàárọ̀ nítorí gbogbo èèyàn ti gba oko lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń dá egbò náà sílẹ̀. Ẹran ara há sáàárín egungun àti bẹ́ẹ̀dì. Bí èèyàn bá tẹ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá mọ́lẹ̀, omi ò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ kì í lè dé ibi tí egungun ti tẹ ẹran mọ́lẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ẹran náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun nínú lọ́hùn-ún ló ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, bíi ìbẹ́pẹ tó ti rà nínú kí èèpo rẹ̀ tó yí àwọ̀. Ibi tó máa ń yọ sí jù ni egungun ìdí lókè àlàfo ìdí, gìgísẹ̀, egungun ìbàdí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kókósẹ̀, ìgúnpá àti ìpàkọ́.

Ìyá kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni ọdún 78 ni, abúlé kan lẹ́bàá Ọ̀yọ́ ló ń gbé, rọpárọsẹ̀ ti mú gbogbo apá òsì rẹ̀. Kìlógíráàmù 50 ló wọ̀n. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń gbin ẹ̀gẹ́, ìyàwó ọmọ náà ló ń tọ́jú rẹ̀, ọmọ ọmọ ọlọ́dún 14 sì ń lọ sílé ìwé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó ilé náà fi túùbù táyà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí hàn mí. Ẹnì kan ló ní kí wọ́n rà á kí Màmá máa fi ìdí lé e. Ó tún ń fi sípíríìtì àti páúdà ra ẹ̀yìn Màmá láràárọ̀. Mi ò bá a wí, torí bí wọ́n ṣe kọ́ àwa nọ́ọ̀sì àtijọ́ náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n sípíríìtì máa ń gbẹ awọ ara débi tí á fi sán. Fífi agbára ra ibi tó ti pọ́n máa ń já àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó kù nínú rẹ̀. Túùbù ní tirẹ̀ máa ń fún ẹran pọ̀ yí ká, ẹ̀jẹ̀ kì í sì dé àárín. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń rọ omi sí láti fi tẹ́ gìgísẹ̀ náà kò wúlò.

Ká tó ṣe ètò kankan, a ní láti wọn ewu tó wà lára aláìsàn náà. Òṣùwọ̀n tí nọ́ọ̀sì méjì, Barbara Braden àti Nancy Bergstrom, gbé jáde lọ́dún 1987 ni mo ń lò. Ohun mẹ́fà ló ń bèèrè: ṣé ara ẹni náà ń mọ ìrora, báwo ni ara rẹ̀ ṣe ń tutù tó, ṣé ó ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó lè dá yíra padà, báwo ló ṣe ń jẹun, ṣé ara rẹ̀ ń yọ̀ tàbí ń họ lórí aṣọ. Wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 dé 4, àfi ti ìkẹyìn tó ń dé 3 péré. Máàkì tó pọ̀ jù jẹ́ 23, bó bá sì ṣe ń kéré sí i ni ewu ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá gba 18 sí ìsàlẹ̀ ti wà nínú ewu, 10 sí 12 jẹ́ ewu ńlá. Màmá gba 3 fún ìmọ̀lára, 2 fún ìtutù torí pé ìtọ̀ ń bọ́ lára rẹ̀, 1 torí pé kì í kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, 2 fún yíyíra, 2 fún oúnjẹ, 1 fún yíyọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 11.

Àpapọ̀ yẹn nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Àwọn máàkì kéékèèké ni mo ń wò, torí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni yóò di ìlà kan nínú ètò wa. A ò lè mú kí Màmá dìde lọ́la, àmọ́ a lè yí i, a lè mú kí ara rẹ̀ gbẹ, a lè ṣe é kó má máa yọ̀, a sì lè bọ́ ọ dáadáa.

Yíyí ló gba ọ̀rọ̀ jù. Wákàtí méjì méjì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ètò tí kò bá kọ orúkọ ẹni tó máa yí i sílẹ̀, ìwé lásán ni. Nítorí náà a jókòó, a bèèrè ẹni tó wà nílé ní aago kọ̀ọ̀kan. Láti aago 9 sí aago 2, kò sẹ́nì kankan. Aládùúgbò kan tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà gbà láti máa wọlé ní aago 10 àti 12. Ohun tí a kọ sára páálí tí a fi há ògiri nìyí:

Aago 6 àárọ̀: yí i sí ọ̀tún, wo ẹ̀yìn rẹ̀ (ìyàwó ilé)
Aago 8: jẹ́ kó jẹun, lẹ́yìn náà kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ (ìyàwó ilé)
Aago 10: òsì (ìyá alákàrà)
Aago 12: ọ̀tún (ìyá alákàrà)
Aago 2: ẹ̀yìn, oúnjẹ ọ̀sán (ọmọ ilé ìwé)

Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí di aago 10 alẹ́. Ẹni tó bá yí i á fi ikọ̀wé sàmì sí i. Ní òru, a ní kí bàbá ilé, ìyẹn ọmọ Màmá, yí i ní aago 2 nìkan. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn. Ìdí tí mo fi gbà ni pé fóòmù Màmá ṣì nípọn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ rèé: ẹ ti ọwọ́ yín bọ abẹ́ fóòmù lábẹ́ ìdí aláìsàn, kí àtẹ́lẹwọ́ dojú kọ òkè. Bí egungun rẹ̀ bá ń kan ọwọ́ yín, fóòmù yẹn ti kú, kò sì sí wákàtí mẹ́rin lórí rẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọnrangandan, torí egungun ìbàdí ni yóò gbé gbogbo ìwúwo. Díẹ̀ ni kí ara fi rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bíi ìwọ̀n dígírì 30. Ẹ ki ìrọ̀rí bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti èjìká dé ìdí, kí ẹ wá fi ọwọ́ yẹ egungun ìdí wò: kò gbọ́dọ̀ kan bẹ́ẹ̀dì. Ìrọ̀rí kan wà láàárín orúnkún méjèèjì. Òmíràn wà ní gígùn lábẹ́ ẹ̀yìn ojúgun kí gìgísẹ̀ lè wà ní òfuurufú. Bí pépà kan bá gba abẹ́ gìgísẹ̀ kọjá láìkan nǹkan, ó dára. Nígbà tí ẹ bá ń yí Màmá, ẹ má fa apá òsì rẹ̀ tó ti rọ, èjìká rẹ̀ lè yẹ̀.

Ti yíyọ̀ kò le. Ẹ ká ìró kan sí méjì, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan, kí ènìyàn méjì di etí rẹ̀ mú, kí wọ́n gbé e sókè kí wọ́n tó sún un. Ẹ má wọ́ ọ. Bí ẹ bá gbé orí rẹ̀ sókè kó lè jẹun, ẹ kọ́kọ́ ti ìrọ̀rí sábẹ́ orúnkún, kó má baà máa yọ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jókòó dáadáa tó bá ń jẹun, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ rẹ orí sílẹ̀. Bó bá ń húkọ́ tó bá ń gbé oúnjẹ mì, ẹ dúró, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Fún ìtutù, ẹ máa yẹ ìdí rẹ̀ wò nígbàkigbà tí ẹ bá yí i. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi nù ún, ẹ fi aṣọ tẹ omi gbẹ dípò kí ẹ máa fi ra ara rẹ̀, kí ẹ wá fi fasilíìnì tàbí ìpara síńkì tín-ín-rín bo ibẹ̀. Pámpáàsì tí ó ti rin ṣinṣin tí a ò pààrọ̀ burú ju aṣọ gbígbẹ lásán lọ.

Ní ti oúnjẹ, ẹran ara tó ń jagun nílò èròjà amúnidàgbà, bíi gíráàmù 1.25 sí 1.5 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Fún Màmá, ìyẹn tó 62 sí 75. Ẹyin kan ní bíi 6. Ẹja tí a ti sè tó gíráàmù 100 ní bíi 20. Ife ẹ̀wà tí a sè ní bíi 15. Nígbà tí mo débẹ̀, àkàmù lásán ni ó ń mu láàárọ̀, àmàlà tí ẹja rẹ̀ kò tó nǹkan lọ́sàn-án. A ní kí wọ́n fi mílíìkì àti ẹyin kún àárọ̀, kí wọ́n yọ ẹ̀gún kúrò lára ẹja, kí wọ́n fi ẹja náà tó pọ̀ díẹ̀ sínú ewédú, kí ẹ̀wà tí a tẹ̀ tàbí mọ́ín-mọ́ín jẹ́ tìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ẹyin mìíràn. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ wo ara rẹ̀ láàárọ̀ lójoojúmọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ wa máa ń sọ pé ara tó pọ́n tí kò funfun bí a bá tẹ̀ ẹ́ ni àmì ìbẹ̀rẹ̀. Lára adúláwọ̀ bíi tiwa, pípọ́n yẹn lè má hàn. Ẹ wá ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí tó ń ya sí àlùkò, tó ń dán. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án: ṣé ó gbóná ju tàbí tutù ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ? Ṣé ó le bíi máńgòrò tí kò tíì pọ́n, tàbí ó rọ̀ jù? Ṣé Màmá fajú ro nígbà tí ẹ fọwọ́ kàn án?

Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó ilé náà pè mí: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ibì kan dúdú lẹ́yìn Màmá, ó sì gbóná." Ó tóbi tó orí àtàǹpàkò, lórí egungun ìdí gan-an. Awọ kò tíì bó. Nígbà tí mo wo páálí, àlàfo wà ní aago 2 òru fún ọjọ́ méjì léraléra. Bàbá ti sùn lọ. A ò bá a jà, a yí ètò náà padà ni. A yọ fífi ẹ̀yìn lélẹ̀ kúrò pátápátá, àfi nígbà oúnjẹ, ó wá ń lọ láti ọ̀tún sí òsì nìkan. A dín òru sí wákàtí méjì méjì, bàbá àti ìyàwó rẹ̀ sì pín in. Bàbá fi fóònù rẹ̀ ṣe àláàmù. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ìgbóná náà lọ. Àmì dúdú yẹn pẹ́ díẹ̀ kó tó parẹ́.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mo ń tún òṣùwọ̀n náà wọ̀n, tàbí lójú ẹsẹ̀ bí ibà bá mú un tàbí tí kò jẹun mọ́.

Bí awọ bá ti là, ẹ fi omi iyọ̀ tí a ti sè tó ti tutù fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ pe nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má tú páúdà inú kápúsù sí i. Bí ibẹ̀ bá dúdú bí èédú, tí ó ń rùn, tí ọyún ń jáde, tí egungun hàn, tàbí tí ibà dé tí aláìsàn ń ṣìrànrán, ilé ìwòsàn ni, láìdúró di ọ̀la.