Kí ẹ tó kúrò ní Manual CPC lọ sí Target CPA

Ẹ̀yin ará, bí ìpolówó yín lórí Gúgù kò bá tíì mú tó oníbàárà 30 wá láàárín 30 ọjọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣì dúró sí Manual CPC. Níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ ń sọ iye tí ẹ lè san lórí títẹ̀ kan. Ní Target CPA, iye tí ẹ fẹ́ ná lórí oníbàárà kan lẹ máa kọ, ẹ̀rọ ló sì ń pinnu iye orí títẹ̀ fún ìwákiri kọ̀ọ̀kan, àkọsílẹ̀ àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ ló sì fi ń díwọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ Goals wò. Ohun tó bá jẹ́ Primary níbẹ̀ ni ẹ̀rọ máa lé. Tó bá jẹ́ ṣíṣí ojúewé lásán ni, àwọn tó ń wòran ló máa kó wá.

Ká ní ẹ ná ₦180,000, èèyàn 36 sì sanwó: ₦5,000 lẹ ná lórí ẹnì kan. Òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ₦3,000 torí pé ó wù yín, ẹ̀rọ á máa yẹra fún ọ̀pọ̀ ìwákiri, ẹ ó sì rí i tí Impressions ń já wálẹ̀. Bí oníbàárà yín bá máa ń ronú fún ọ̀sẹ̀ kan kó tó sanwó, ẹ má ka ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn mọ́ ìṣirò yìí: owó rẹ̀ ti jáde, ìsanwó rẹ̀ kò tíì wọlé tán.

Lẹ́yìn tí ẹ bá yí i, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá dúró dáadáa, ẹ lè wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí ₦4,500.